Aago Mẹ́sàn-án Tiwọn, Aago Mélòó Tiwa? Bí A Ṣe Ń Mú Àkókò Intafíù Pẹ̀lú Ríkúrútà Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ wákàtí kan ṣoṣo la fẹ́ sọ lónìí. Wákàtí kan yẹn ló kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi kan nínú oṣù kẹta ọdún 2026. Kì í ṣe pé kò múra. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Aago ló tàn án jẹ, ohun tó sì tàn án jẹ yẹn lè tan ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ká tó wá tú u wò.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀

Àbúrò mi yìí ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ tó wà ní Àgó-Ìwòyè ló ti jáde. Ó ń wá iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe: kó máa dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 26, oṣù kejì, ríkúrútà kan tó wà ní San Francisco, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kọ ímeèlì sí i. Obìnrin náà ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àkókò tó kọ rèé:

```
Tuesday, March 10, 9:00 AM PST
```

Àbúrò mi kò fi falẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí Google pé aago mẹ́sàn-án PST jẹ́ aago mélòó ní Nàìjíríà. Google ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún fi áláámù sí fóònù. Ó dá ríkúrútà lóhùn pé ó ti dára, òun á wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kò síná ní àdúgbò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní sólà ní Àgó-Ìwòyè, ó sì ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun á wá lo yàrá rẹ̀. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gun ọ̀kadà kúrò nílé. Lójú tirẹ̀, ó ṣì ní ju wákàtí kan lọ nílẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó ti jókòó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó tẹ líǹkì. Kò rí ẹnì kankan. Ó dúró títí aago mẹ́fà fi lù, ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé e, ló bá pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Aago mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi. Mo ti wọlé láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò rí wọn."

Mo ní, "O ti wo ímeèlì rẹ?"

"Rárá o, mo pa dátà nígbà tí mo wà lọ́nà, kó má bàa tán kí n tó débẹ̀."

"Lọ wò ó ná."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn ti dúró dè mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ránṣẹ́."

Ríkúrútà kò tètè dé, kò sì pẹ́ dé. Aago mẹ́sàn-án tirẹ̀ gan-an ló wọlé. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, aago mẹ́sàn-án tirẹ̀ jẹ́ aago márùn-ún tiwa.

Aago tiwa kì í yí, tiwọn ló ń yí

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni aago Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìdíwọ̀n. A kì í ti aago wa síwájú, a kì í fà á sẹ́yìn, nítorí kò wúlò fún wa. Níbi tí a wà yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan.

Lọ́dọ̀ àwọn tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán wọn máa ń gùn gan-an nígbà ooru, ó sì máa ń kúrú gan-an nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi máa ń ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, tí wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń lo àwọn ọjọ́ méjì yìí.

Ní 2026, ọjọ́ 8 oṣù kẹta ni wọ́n ti aago síwájú. Ẹ wá wo ọjọ́ tí àbúrò mi gba ímeèlì: ọjọ́ 26 oṣù kejì. Lọ́jọ́ yẹn, San Francisco fi wákàtí mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn wa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí mẹ́sàn-án kún un, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù kẹta ni intafíù, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n yí aago. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí mẹ́jọ péré ló wà láàárín wa. Mẹ́sàn-án pẹ̀lú mẹ́jọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ọjọ́ tí intafíù máa wáyé ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ tí ímeèlì dé. Aago àgbáyé tó wà lórí fóònù yín, ìyàtọ̀ tòní ló ń fi hàn yín. Kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni ẹ ní lọ́kàn.

Lẹ́tà mẹ́ta tó ń ṣini lọ́nà

Ohun kejì tó fa ọ̀ràn yìí ni PST tí ríkúrútà kọ. PST ni orúkọ aago etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà òtútù nìkan. Láti oṣù kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, PDT lorúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá bi Google ní PST, PST náà ló máa ṣírò fún yín, ìyẹn wákàtí mẹ́sàn-án, ì báà jẹ́ àárín ooru. Google kò purọ́. Èèyàn tó kọ ímeèlì ni kò ro ti lẹ́tà àárín.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ máa ń kọ PST tàbí EST láti oṣù kìíní dé ìkẹjìlá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni aago tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn. Wọn kò níṣòro, torí pé aago kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Àwa tí a wà níta la máa ń forí fá a.

Àwọn lẹ́tà mìíràn tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. IST lè jẹ́ aago Íńdíà, tó fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú wa. Ó sì tún lè jẹ́ aago Áyálándì nígbà ooru, tó bá tiwa dọ́gba. CST lè jẹ́ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ Ṣáínà. Nítorí náà, tí ẹ bá ti rí lẹ́tà mẹ́ta, ẹ béèrè orúkọ ìlú. Ìlú kì í tanni. Tí ríkúrútà bá ti sọ pé San Francisco lòun wà, ẹ kọ àkókò náà padà sí i lọ́nà tí kò ní sí iyèméjì:

```
Tuesday 10 March 2026
9:00 AM San Francisco = 5:00 PM Lagos, UTC+1
```

Ẹ rí i pé ọjọ́ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, ìlú méjèèjì wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ Lagos dípò Ìjẹ̀bú-Igbó ni pé Lagos ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà àti fóònù mọ̀ fún aago gbogbo Nàìjíríà. UTC+1 sì ń sọ pé wákàtí kan la fi ṣáájú ìdíwọ̀n àgbáyé. Tí àbúrò mi bá ti kọ ọ́ báyìí pẹ̀lú 6:00 PM tó ní lọ́kàn, ó ṣeé ṣe kí ríkúrútà rí i pé ìlà náà kò bára mu, kó sì tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé. Ohun tó kọ ni pé ó ti dára. "Ó ti dára" kò fi àṣìṣe hàn ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí kàlẹ́ńdà bá ọ ṣírò, àmọ́ kọ́kọ́ wo fóònù rẹ

Ọ̀nà tó fọkàn balẹ̀ jù ni kí ẹ ní kí ríkúrútà fi ìkésíni kàlẹ́ńdà ránṣẹ́. Ìkésíni yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ó gbé ọjọ́, aago àti táìmù sóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ dání. Tó bá dé orí fóònù yín, fóònù á yí i sí aago tiyín, á sì mọ̀ bóyá wọ́n ti yí aago wọn lọ́jọ́ náà tàbí wọn ò tíì yí i.

Tí wọn kò bá fi ránṣẹ́, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ ṣí Google Calendar, ẹ ṣe ìpàdé tuntun, ẹ mú ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ẹ fi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí i. Kí ẹ tó fi pamọ́, ẹ tẹ táìmù sóònù, ẹ wá Los Angeles, torí pé òun àti San Francisco ń lo aago kan náà. Tí ẹ bá ti fi pamọ́, ẹ padà wò ó: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ máa bá a. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àmọ́ ó ku ibì kan tí ó ti lè yíwọ́, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń ra fóònù tòkunbọ̀. Fóònù náà lè wá pẹ̀lú táìmù sóònù ìlú tó ti wá. Ẹni tó rà á á rí i pé aago kò bá tiwa mu, á wá fi ọwọ́ yí aago nìkan títí tó fi bára mu, kò ní fọwọ́ kan táìmù sóònù. Lójú, aago ti pé. Nínú, fóònù ṣì gbà pé Amẹ́ríkà lòun wà. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ á fi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ han yín fún intafíù tó jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa. Calendly náà àti àwọn ojú-ewé míì tí ríkúrútà fi máa ń ní kéèyàn yan àkókò, ohun tí fóònù bá sọ fún wọn ni wọ́n ń gbà.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ rèé. Lórí Android, ẹ wọ `Settings`, lẹ́yìn náà `System`, lẹ́yìn náà `Date & time`. Lórí àwọn fóònù kan, kò sí lábẹ́ `System`, ẹ kàn wá `Date & time` nínú `Settings`. Lórí iPhone, ó wà nínú `Settings`, `General`, `Date & Time`. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ táìmù sóònù sí. Lagos, West Africa tàbí GMT+01:00 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tan èyí tó ń mú un fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ fọwọ́ mú Lagos. Lórí ojú-ewé Calendly, ẹ wo orúkọ táìmù sóònù tó wà nítòsí àwọn àkókò tí wọ́n tò kalẹ̀, kí ẹ tó tẹ èyíkéyìí.

Aago wo ló yẹ ká mú?

Nígbà míì, ríkúrútà á ní kí ẹ mú àkókò mẹ́ta wá. Ẹ má kàn sọ pé ìgbàkígbà ló dára. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ní San Francisco, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa sí aago kan òru, nígbà tí wọ́n bá ti ti aago síwájú. Nígbà òtútù wọn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méjì òru ni. Ìwọ̀nba wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló sàn fún wa. Ẹ mú aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tiwọn. Ẹ sì lè béèrè bóyá aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣeé ṣe, torí pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa nìyẹn láàárín oṣù kẹta sí ìkọkànlá.

Ẹni tó ń gbé ní Ògùn Wọ́tásáìdì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Tó bá jẹ́ Abigi tàbí Iwopin lẹ wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò gbé fídíò, tó jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lẹ fẹ́ lọ jókòó sí, intafíù aago mẹ́jọ alẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ padà ni, tàbí ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ ti ibi tí ẹ máa sùn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí ẹ tó kọ àkókò mẹ́ta yẹn.

Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní San Francisco nígbà ooru, lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Ẹtì ti wọlé. Fóònù á kọ ọ́ báyìí: `Friday 12:00 AM`. Òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kì í sì í ṣe òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ṣi èyí kà á fi odidi ọjọ́ kan pẹ́.

Tí ó bá ti bọ́ ńkọ́?

Mo ní kí àbúrò mi má kọ ẹ̀bẹ̀ gígùn. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú la jọ kọ ọ́, ìyẹn aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ lọ́dọ̀ ríkúrútà. Ìlà mẹ́ta péré ni: ó tọrọ àforíjì; ó ní òun ka PST sí wákàtí mẹ́sàn-án, òun kò mọ̀ pé aago ibẹ̀ ti yí ní ọjọ́ Àìkú; ó wá dá àkókò méjì lábàá, tó kọ ìlú méjèèjì sí.

Pé a kọ ọ́ lálẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ká ní ó sùn lé e, tó kọ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago kan òru ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ríkúrútà kò ní rí i títí di ìrọ̀lẹ́ wa, odidi ọjọ́ kan á ti lọ. Aago márùn-ún sí mẹ́jọ alẹ́ wa ni ẹ lè kọ̀wé kí ẹ sì rí èsì gbà, kí ẹ tún fèsì sí èsì náà, kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àkókò múlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú intafíù ni kí ẹ kọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ti pẹ́ jù.

Obìnrin náà fèsì láàárín wákàtí kan. Ó ní òun ló kọ lẹ́tà tí kò yẹ, ó sì mú Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ti dé Àgó-Ìwòyè láti aago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì wọlé. Ó yege níbẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ìpele kejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ríkúrútà ló máa gba àṣìṣe tirẹ̀ báyẹn. Ẹ fi ọjọ́ méjì sọ́kàn nínú ọdún yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2026, Gẹ̀ẹ́sì á fa aago rẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá wa ṣe dọ́gba nígbà ooru á wá wà lẹ́yìn wa ní wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, Amẹ́ríkà náà á fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà yẹn, àṣìṣe á gba ọ̀nà kejì yọ: ẹni tí kò mọ̀ á wọlé ní aago márùn-ún fún intafíù tó ti di aago mẹ́fà. Tí ẹ bá wọlé lọ́sẹ̀ yẹn tí ẹ kò bá ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú pa líǹkì. Ẹ kọ́kọ́ wo aago ìlú ẹni tí ẹ ń retí, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tètè dé.

Ibi tá a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá ní intafíù tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, ẹ ṣí ímeèlì náà báyìí, kí ẹ wo bóyá ìlú wà níbẹ̀ tàbí lẹ́tà mẹ́ta. Ó dìgbà kan ná.